Bí A Ṣe Ń Yẹ Ìròyìn Wò: Ẹ̀kọ́ Láti Ara Ọ̀rọ̀ Híjáàbù Ìwó



Nínú ẹ̀kọ́ oṣù yìí, a fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń gbé ìròyìn kan lé orí ìwọ̀n kí a tó gbà á gbọ́, àti pàápàá kí a tó tún un sọ fún ẹlòmíràn. Ohun mẹ́ta ni àwọn olóòtú ìwé ìròyìn máa ń wò. Ìkíní, ṣé ohun tó wà nínú rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀? Ìkejì, ta ló sọ ọ́, báwo sì ni onítọ̀hún ṣe mọ̀? Ìkẹta, ṣé a gbọ́ ti gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn? Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kì í ṣe àdábọwọ́ tiwa. Wọ́n wà nínú ìlànà iṣẹ́ tí àjọ àwọn oníròyìn Nàìjíríà fi ọwọ́ sí ní Ìlọrin ní ọdún 1998. Ìlànà náà ní kí oníròyìn ya ohun tó ṣẹlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àbá àti èrò ọkàn rẹ̀, kí ó tètè tún àṣìṣe ṣe, kí ó sì fún ẹni tí wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní àyè láti fèsì.

Àwa Mùsùlùmí kò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹsẹ kẹfà nínú Súúrátùl Hujuráátì pa á láṣẹ pé bí ẹni tí ìwà rẹ̀ kò dára bá mú ìròyìn wá, kí a wádìí rẹ̀, kí a má baà fi àìmọ̀ ṣe àwọn ènìyàn ní ibi. Bákan náà, àwọn onímọ̀ hádíìsì kì í gba ọ̀rọ̀ láìbéèrè ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ta, tí ẹni yẹn náà sì gbọ́ ọ lẹ́nu ta. Ohun tí a kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ni pé kí a lo irú ìwọ̀n yìí fún ìròyìn ojoojúmọ́, àgàgà ìròyìn tó dùn mọ́ wa nínú.

ÌṢẸ̀LẸ̀ TÍ A Ó FI KỌ́ Ẹ̀KỌ́

A kò ní lọ jìnnà. Nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí, ní ọdún 2016, ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní Ìwó tí ìròyìn rẹ̀ kárí ayé. Ẹni tó wà ní Ìgbàyè, ní Ìniṣà tàbí ní Òkukù kò sí níbẹ̀. Ẹnu rédíò, ìwé ìròyìn, fóònù àti ibùdókọ̀ Ìkìrun ni púpọ̀ nínú wa ti gbọ́ ọ. Kí a kọ́kọ́ to ohun tó dájú nínú ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ, nítorí òun ni a ó máa fi wọn ìròyìn.

Ní ọdún 2013, àwùjọ Mùsùlùmí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé ọ̀rọ̀ híjáàbù lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ní Òṣogbo. Ẹgbẹ́ àwọn Kìrìsìtẹ́nì ìpínlẹ̀ náà wà lára àwọn tó jẹ́jọ́ ní ìhà kejì. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 2016, Adájọ́ Jídé Fálọlá dá ẹjọ́. Ó dúró lórí abala 38 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, èyí tó sọ nípa òmìnira ẹ̀sìn. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá fi ìyà jẹ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí, tàbí tó bá dójú tì í, nítorí pé ó lo híjáàbù ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, ó ti tẹ ẹ̀tọ́ ọmọ náà mọ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn Kìrìsìtẹ́nì kò fara mọ́ ìdájọ́ náà. Wọ́n ní bí ìjọba bá mú un lò ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọ dá sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kìrìsìtẹ́nì náà yóò máa wọ aṣọ ìjọ wọn wá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kan náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wọ aṣọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìwó. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ló dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, ìjọba sì gba irú àwọn ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìjọ ní ọdún 1975. Àwòrán wọn ló kárí ayé.

Ẹ fi èyí sọ́kàn. Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká yẹ ìròyìn méjì wò. Àwa fúnra wa ni a kọ méjèèjì fún ẹ̀kọ́ yìí. A kò mú wọn láti inú ìwé ìròyìn kankan, ṣùgbọ́n irú wọn kò ṣọ̀wọ́n.

ÌRÒYÌN KÌÍNÍ

Àkọlé rẹ̀ ni: Híjáàbù di dandan ní Ọ̀ṣun! Ìròyìn náà lọ báyìí: "Ilé ẹjọ́ ti pàṣẹ pé kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní Ọ̀ṣun máa wọ híjáàbù. A gbọ́ pé inú àwọn òbí kò dùn rárá. Ní Ìwó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ Onítẹ̀bọmi wọ aṣọ akọrin láti fi kọ àṣẹ náà. Ẹnì kan tó mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ sọ fún wa pé àwọn alákatakítí ló wà nídìí rẹ̀."

Kí ni a ó kọ́kọ́ ṣe? A ó já ìròyìn náà sí wẹ́wẹ́. Ìròyìn kì í sábà jẹ́ irọ́ látòkèdélẹ̀. Gbólóhùn kan lè jẹ́ òtítọ́ pọ́nńbélé kí èyí tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ àhesọ. Ẹni tó bá gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tàbí tó bá kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò tíì yẹ ohunkóhun wò.

Ẹ wo gbólóhùn àkọ́kọ́. Ìdájọ́ kò pa á láṣẹ fún ẹnikẹ́ni kí ó wọ híjáàbù. Ohun tó sọ ni pé kí a má ṣe fìyà jẹ ọmọ Mùsùlùmí tó bá wọ̀ ọ́. Láàárín "ó gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́" àti "kí ẹnikẹ́ni má dí i lọ́wọ́", ọ̀nà jìn. Bí ọmọ Kìrìsìtẹ́nì bá gbọ́ èyí àkọ́kọ́, yóò rò pé wọ́n fẹ́ fi ipá mú òun. Bí ó bá gbọ́ èyí kejì, ó lè má fara mọ́ ọn síbẹ̀, ṣùgbọ́n yóò mọ ohun tí òun kò fara mọ́. Nítorí náà, níbikíbi tí ìròyìn bá ti sọ pé ilé ẹjọ́ "pàṣẹ", ẹ wá ohun mẹ́rin: orúkọ adájọ́, irú ilé ẹjọ́ náà, ọjọ́ tí ó dájọ́, àti ohun náà gan-an tí ó ní kí a ṣe tàbí kí a má ṣe. Ìròyìn kìíní kò ní ọ̀kan nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, ó sì ṣi ìkẹrin sọ. Ìwé ìdájọ́ kì í ṣe àṣírí. A lè san owó tí wọ́n bá dá lé e ní ọ́fíìsì àkọ̀wé ilé ẹjọ́, kí a gba ẹ̀dà rẹ̀ tó ní òǹtẹ̀.

Gbólóhùn kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "a gbọ́ pé". Lẹ́nu ta? Òbí mélòó ni akọ̀ròyìn bá sọ̀rọ̀, ní ìlú wo? "Inú àwọn òbí kò dùn" lè jẹ́ òbí méjì lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Ó sì lè máà jẹ́ ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn tí kò ní olóhùn kò ṣeé wọ̀n, ohun tí kò bá sì ṣeé wọ̀n, a kì í tún un sọ bí ẹni pé ó dájú.

Gbólóhùn kẹta sún mọ́ òtítọ́, àwòrán sì tì í lẹ́yìn. Síbẹ̀, ó ku díẹ̀. "Àwọn akẹ́kọ̀ọ́" yàtọ̀ sí "àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan". Àwòrán fi hàn wá pé àwọn kan wọ aṣọ akọrin. Kò lè sọ iye wọn fún wa nínú gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà, kò sì lè sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán ló ń sọ ìyẹn, ènìyàn ló sì kọ ọ́. Nítorí náà a máa ń yẹ àwòrán wò lọ́tọ̀, kí a sì yẹ ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ wò lọ́tọ̀: níbo ni, ọjọ́ wo ni, ta ló yà á? Àwòrán ọdún 2016 tí ẹnì kan bá tún gbé jáde lónìí lórí fóònù láìsọ ọdún rẹ̀ ti di irọ́, bí ohunkóhun kò tilẹ̀ yí padà lára rẹ̀.

Gbólóhùn kẹrin ló burú jù. "Ẹnì kan tó mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́" fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́, ó sì ń fi ẹ̀sùn kan ẹlòmíràn. A kò sọ pé kí a má gba ọ̀rọ̀ ẹni tí kò dárúkọ rárá. Ẹni tó lè pàdánù iṣẹ́ tàbí ẹ̀mí rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n bo òun láṣìírí, ìlànà ọdún 1998 náà sì dáàbò bò ó. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ìròyìn sọ ìdí tí wọ́n fi bò ó, àti bí ó ṣe mọ ohun tó ń sọ: ṣé olùkọ́ ni, ṣé ó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ náà? Ọ̀rọ̀ "alákatakítí" kì í tilẹ̀ ṣe ìròyìn. Èrò ni.

Ẹ̀RÍ MÉLÒÓ LÓ WÀ NÍBẸ̀?

Kí a tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ olóhùn, ohun kan wà tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Wọn a ní: "Rédíò sọ ọ́, ìwé ìròyìn mẹ́ta gbé e, ó ti wà lórí gbogbo fóònù. Ṣé gbogbo wọn ló ń parọ́ ni?" Ní oṣù kọkànlá ọdún 1989, ìròyìn tàn ká Nàìjíríà pé Dókítà Nnámdí Àsíkíwè ti kú, àwọn ilé ìròyìn sì gbé e jáde. Bàbá náà wà láàyè. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kárùn-ún ọdún 1996 ni ó tó kú. Iye ilé ìròyìn tó gbé ọ̀rọ̀ kan kì í ṣe iye ẹ̀rí tó wà fún un. Bí mẹ́wàá bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo, ẹ̀rí kan ni, mẹ́wàá kọ́. Ìbéèrè tó yẹ kí a bi ni pé: nínú gbogbo wọn, èwo ló bá ẹni tó fojú rí i sọ̀rọ̀? Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ohun kejì ni pé a gbọ́dọ̀ mọ ohun tí olóhùn kọ̀ọ̀kan lè jẹ́rìí sí. Agbẹnusọ ẹgbẹ́ jẹ́ ẹlẹ́rìí tó dára lórí ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wí, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ́ Kìrìsìtẹ́nì tàbí ẹgbẹ́ Mùsùlùmí. Bí ó bá jókòó sí Òṣogbo, kì í ṣe ẹlẹ́rìí lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ní Ìwó. Olùkọ́ tó wà níbẹ̀ lè sọ ohun tó rí, ṣùgbọ́n kò lè túmọ̀ ìdájọ́ fún wa. Ìwé ìdájọ́ lè sọ ohun tí adájọ́ wí, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tí àwọn ọmọ ṣe ní ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìròyìn bá fi ẹnu agbẹnusọ kan ṣoṣo gbé gbogbo rẹ̀ kalẹ̀, ó ti ní kí ẹnì kan jẹ́rìí sí ohun tí kò rí.

ÌRÒYÌN KEJÌ

Ibi yìí ni ìdánwò wa wà. Ẹ gbọ́: "Ilé ẹjọ́ ti dá Mùsùlùmí láre, ọ̀rọ̀ ti parí. Síbẹ̀, àwọn ọ̀tá ìlọsíwájú sọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba di ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìwó. Gbogbo ọmọ Ọ̀ṣun ló ń bú wọn."

Bí wọ́n bá ka èyí sí etí wa nínú ìpàdé, àwọn kan nínú wa yóò ké kábàrá. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí a fi wọn ti àkọ́kọ́ ni a ó fi wọn èyí náà. Lóòótọ́, ilé ẹjọ́ dá àwọn tó pẹjọ́ láre. "Ọ̀rọ̀ ti parí" kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ ni, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì wà lókè rẹ̀, kí a tó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó dájọ́ lórí híjáàbù, lórí ẹjọ́ tó ti ìpínlẹ̀ Èkó wá. Adájọ́ márùn-ún gbè é, méjì kò gbè é. Ẹni tó kọ ní ọdún 2016 pé gbogbo rẹ̀ ti parí fi ọdún mẹ́fà ṣáájú, orí ẹjọ́ mìíràn ni ọ̀rọ̀ sì ti wá já.

"Ọ̀tá ìlọsíwájú" jẹ́ èrò, gẹ́lẹ́ bí "alákatakítí" ṣe jẹ́ nínú ìròyìn kìíní. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. "Gbogbo ọmọ Ọ̀ṣun" kò ní olóhùn, kò sì lè jẹ́ òtítọ́, nítorí ọmọ Ọ̀ṣun ni àwọn tó wọ aṣọ náà pẹ̀lú.

Ẹ wá wo ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Ìròyìn kejì sọ pé ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ni, kò sì sọ pé ìjọ Onítẹ̀bọmi ló dá a sílẹ̀. Ìròyìn kìíní sọ pé ilé ẹ̀kọ́ Onítẹ̀bọmi ni, kò sì sọ pé ó ti di ti ìjọba láti ọdún 1975. Kò sí irọ́ nínú ìkankan nínú gbólóhùn méjèèjì. Síbẹ̀, ẹni tó bá ka ìkíní nìkan yóò máa bi ara rẹ̀ pé: "Kí ni híjáàbù ń wá ní ilé ẹ̀kọ́ oníṣọ́ọ̀ṣì?" Ẹni tó bá ka ìkejì nìkan yóò ní: "Kí ni aṣọ akọrin ń wá ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba?" Inú ọdún 1975 yẹn gan-an ni gbogbo àríyànjiyàn wọn ti ṣẹ̀ wá, àwọn ìròyìn méjèèjì sì fò ó. Èyí ni a ń pè ní ẹ̀gbè tí kò ní irọ́ nínú, òun ló sì ṣòro jù láti rí, nítorí ohun tí kò sí kì í gún ni lójú. Ọ̀nà tí a lè gbà rí i ni pé kí a bi ara wa pé: bí ẹni tí wọ́n ń bá wí bá ka ìròyìn yìí, kí ni yóò kọ́kọ́ sọ pé wọ́n gbàgbé? Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣi èyí lóye. Gbígbọ́ tìhín gbọ́ tọ̀hún kì í ṣe pé kí a ka ọ̀rọ̀ kí a sì pín in lọ́gbọọgba. Lórí ohun tí ìwé ìdájọ́ sọ, kò sí ìhà méjì: a ó ṣí ìwé náà, a ó sì kà á. Bí ẹnì kan bá ní ó pa híjáàbù láṣẹ fún gbogbo ọmọ, kò yẹ kí oníròyìn kọ pé "àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ kọ́". Ó yẹ kí ó sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Orí bóyá ìdájọ́ náà tọ́, tàbí bóyá ìjọ ṣì ní ẹ̀tọ́ lórí ilé ẹ̀kọ́ tí ó kọ́, ni ìhà méjì ti wà, ibẹ̀ sì ni a ti gbọ́dọ̀ gbọ́ ti àwọn méjèèjì láti ẹnu tiwọn.

BÍ Ó ṢE YẸ KÍ A KỌ Ọ́

Ẹ wo bí ìròyìn kan náà ṣe lè jáde tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì yóò lè kà á láìsọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ: "Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 2016, Adájọ́ Jídé Fálọlá ti ilé ẹjọ́ gíga ní Òṣogbo dájọ́ pé fífi ìyà jẹ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí nítorí híjáàbù ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba lòdì sí ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àwùjọ Mùsùlùmí ìpínlẹ̀ náà ló pẹjọ́ ní ọdún 2013. Ẹgbẹ́ àwọn Kìrìsìtẹ́nì kò fara mọ́ ìdájọ́ náà. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wọ aṣọ akọrin lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìwó, èyí tí ìjọ Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ tí ìjọba sì gbà ní ọdún 1975."

Kò dùn ún kà tó méjì ìṣáájú, kò sì sí ẹni tí yóò ké kábàrá sí i. Ṣùgbọ́n gbogbo gbólóhùn inú rẹ̀ ni a lè tọ̀ lọ sí ìdí rẹ̀ kí a sì bá a níbẹ̀. Ibì kan wà tí ìwọ̀n wa kò dé o: kò lè sọ ohun tó wà nínú ọkàn àwọn ọmọ náà fún wa. Ìdí nìyẹn tí ìròyìn ìkẹyìn yìí kò fi sọ ọ́.

IṢẸ́ ṢÍṢE FÚN ÌPÀDÉ TÓ Ń BỌ̀

1. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan mú ìròyìn kan wá nípa ọ̀rọ̀ tó kan Mùsùlùmí, kí ó jẹ́ èyí tó dùn mọ́ yín. Ẹ já a sí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sí iwájú rẹ̀. Níbi tí kò bá sí olóhùn, ẹ fa ilà sábẹ́ rẹ̀.

2. Ẹ yọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó jẹ́ èrò kúrò nínú ìròyìn náà. Kí ló ṣẹ́kù?

3. Ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo tí ẹni tó wà ní ìhà kejì yóò sọ pé wọ́n gbàgbé. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ wá ẹnì kan ní ìhà náà nínú ìlú yín, kí ẹ bi í léèrè kí ẹ tó wá sí ìpàdé.